Tí Google bá ní ẹnì kan ti wọ àkáǹtì yín: wákàtí kan àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àǹkárá n'Íbàdàn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, fóònù ẹ̀ dún, ó wò ó, ímeèlì ni, wọ́n kọ "Security alert" sórí ẹ̀, wọ́n wá kọ "New sign-in on Windows" sábẹ́ ẹ̀. Fóònù kékeré kan ṣoṣo ló sì ní, kò ní kọ̀ǹpútà rárá. (Irú àlẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kì í gbàdúrà fún nìyẹn.) Gmail yẹn náà ló fi ṣí Instagram tó fi ń tajà, òun náà ni báǹkì ẹ̀ fi ń kọ̀wé sí i, torí náà ẹni tó bá ti wọ Gmail yẹn, tó bá lọ sí Instagram tó ní òun gbàgbé páswọ́ọ̀dù, inú Gmail yẹn náà ni wọ́n máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má tẹ bọ́tìnì tó wà nínú ímeèlì yẹn. Àwọn kan á ní ṣebí èèyàn lè wo àdírẹ́sì tó ti wá, àmọ́ ìyẹn náà ò tó mọ́, torí ní oṣù kẹrin ọdún 2025 àwọn oníjìbìtì rí ọgbọ́n dá tí ímeèlì wọn fi wọlé pẹ̀lú no-reply@accounts.google.com gan-an, Gmail ò sì fi ìkìlọ̀ kankan sí i, ojúewé tí líǹkì inú ẹ̀ gbé èèyàn lọ ni ayédèrú. Kí èèyàn ṣí bíráwúsà fúnra ẹ̀, kó fọwọ́ tẹ myaccount.google.com, kó wọ "Security", kó wo ibi tí wọ́n kọ "Recent security activity" sí. Àlẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ́ òótọ́ á wà níbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ímeèlì yẹn gan-an ni olè, ẹ pa á rẹ́.

Ká ní ó wà níbẹ̀. Kí èèyàn má fi orúkọ ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ dá ara ẹ̀ láàmú jù, torí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà jáde ni wọ́n máa ń wò, ẹni tó wà n'Íbàdàn lè rí "Lagos" lórí fóònù ara ẹ̀, ẹni tó ń lo VPN lè rí ìlú òyìnbó. Irú ẹ̀rọ àti aago ló ṣe pàtàkì. Kó sì ronú dáadáa: ṣé kò lọ tẹ nǹkan jáde ní kafé lọ́sàn-án? Nígbà míì, "Windows" àjèjì yẹn kọ̀ǹpútà oníkafé ni, wọ́n wọ Gmail níbẹ̀ wọn ò sì jáde. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ náà, wọn ò tíì fipá wọlé o, àmọ́ ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kó lọ sí "Manage all devices" kó yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò.

Tí kì í bá ṣe òun, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra sì ṣe kókó. Kó tó yí páswọ́ọ̀dù, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó fẹ́ fi yí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ááppù tí kò mọ̀dí sórí fóònù, tàbí tó da sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n jí sórí lápútọ́ọ̀pù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni páswọ́ọ̀dù ti jò, tó bá sì tẹ tuntun síbẹ̀, tuntun náà ti jò nìyẹn. Kó lo ẹ̀rọ míì tó mọ́, ti ọmọ tàbí ti ọkọ, kó sì rántí jáde tó bá ṣe tán. Lẹ́yìn náà kó yọ "Windows" yẹn kúrò, kó wá yí páswọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tí kò lò níbòmíì rí. Tí páswọ́ọ̀dù bá yí, Google á lé ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì jáde, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn ááppù tí wọ́n ti fún láyè tẹ́lẹ̀ lè dúró, kó lọ wo wọn ní myaccount.google.com/connections, èyí tí kò bá mọ̀ kó yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró rèé, wọ́n á ní àwọn ti yí páswọ́ọ̀dù, ó ti parí. Lójú tèmi, ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí olè tó bá mọṣẹ́ ò gbójú lé páswọ́ọ̀dù, ó ti fi nǹkan pa mọ́ sílé kí wọ́n tó lé e. Kó wo nọ́ńbà àti ímeèlì tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà, ṣé tiẹ̀ ṣì ni? Kó wo "2-Step Verification" àti "Passkeys", ṣé kò sí fóònù àjèjì níbẹ̀? Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà olè sílẹ̀, ọ̀la ló máa padà wọlé bí onílé.

Inú Gmail fúnra ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Olè lè ṣe fílítà kan níbẹ̀: ímeèlì yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ Instagram tàbí báǹkì wá, kó lọ sí "Trash" tààrà. Ìyá wa á jókòó, kò ní rí nǹkan kan, á rò pé wàhálà ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti ń yí Instagram ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Tàbí kí olè ní kí ẹ̀dà gbogbo ímeèlì máa lọ sí àdírẹ́sì tòun, ìyẹn ò sì nílò páswọ́ọ̀dù kankan mọ́, àṣẹ tó ti wà nínú àpótí ni, bí wọ́n yí páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹwàá á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ááppù Gmail orí fóònù kì í fi àwọn ibi wọ̀nyí hàn, ìdí tí wọn ò fi ń rí i nìyẹn. Kí wọ́n ṣí mail.google.com nínú bíráwúsà kọ̀ǹpútà, tàbí kí wọ́n yan "Desktop site" lórí fóònù, kí wọ́n wọ "See all settings", kí wọ́n wo ibi mẹ́ta yìí:

```
Filters and Blocked Addresses
Forwarding and POP/IMAP
Accounts and Import
```

Nínú èyí tó kẹ́yìn, "Grant access to your account" ni kí wọ́n wò, torí olè lè ti fi ara ẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Ohun tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kí wọ́n wá wo inú "Trash", ímeèlì máa ń wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́ tí wọn ò bá dìídì nù ún tán. Tí ìyá wa bá rí ímeèlì Instagram níbẹ̀ tó sọ pé wọ́n ti yí páswọ́ọ̀dù ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó ti mọ ibi tí olè lọ nìyẹn, ibẹ̀ ló kàn. Tó bá rí orúkọ báǹkì, kó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ẹ̀, kó ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa fúngbà díẹ̀. Ní tòótọ́, tí owó bá wà níbẹ̀, kó tiẹ̀ pe báǹkì kó tó dé ìdí fílítà, tàbí kí ẹlòmíì máa bá a pè é bó ṣe ń ṣe tibí.

Láàárín àkókò yìí, ẹnì kan lè pè é, ohùn rẹ̀ á tutù, á ní láti Google ni òun ti ń pè, kó ka kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Kóòdù yẹn ló ṣẹ́kù tí olè ń wá. Kó gé ìpè náà.

Tó bá wá jẹ́ pé olè ti yí páswọ́ọ̀dù kó tó débẹ̀ ńkọ́? Kó lọ sí g.co/recover, látorí fóònù tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ àti ibi tó sábà máa ń wà, torí Google ń wo ìyẹn kó tó gbà pé òun ni. Kó má sì dúró di ọ̀la, torí bí olè bá tiẹ̀ ti pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀, Google ṣì lè gbà kó lo nọ́ńbà àtijọ́ fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn ìyẹn ó di iṣẹ́ ńlá.