Àdàkọ nọ́ńbà ni, kì í ṣe ìmúdọ́gba

Ìtumọ̀ mẹ́ta ni mo ti rí fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "contact sync", ìyẹn ohun tí áàpù ń ṣe nígbà tó bá kó nọ́ńbà inú fóònù wa lọ sórí sáfà rẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà, kò sì sí ọ̀kan tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní "síńkì". Wọ́n gbé e bó ṣe wà, wọ́n fi àmì ohùn sí i lórí, ó di Yorùbá. N kò bá àwọn yẹn jà púpọ̀, àyálò kò pa ẹnikẹ́ni, àfi pé kò là á yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn kejì ní "ìmúṣiṣẹ́pọ̀ àwọn olùbásọ̀rọ̀". Ta ló ń jẹ́ olùbásọ̀rọ̀? Púlọ́ńbà tí o pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí kò tilẹ̀ gbé e, òun náà ha ni olùbásọ̀rọ̀ rẹ? Àwọn tó bí mi nínú jù ni àwọn ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè é ní "ìmúdọ́gba". Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, irọ́ ló sì ń pa. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ti mú ohun méjì dọ́gba yóò gbà pé bí òun bá yọ orúkọ kan kúrò níhìn-ín, ti ọ̀hún á yọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa nọ́ńbà rẹ́ nínú fóònù, tí wọ́n sì ń fọkàn balẹ̀ lásán.

Àdàkọ nọ́ńbà ni èmi ń pè é. Ẹnìkan ti bá mi jiyàn pé àdàkọ kò fi hàn pé nǹkan ọ̀hún máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Òótọ́ ni, kò fi hàn, "ìmúdọ́gba" náà kò sì fi hàn. Ṣùgbọ́n àdàkọ sọ ohun tó ṣe kókó jù: ìwé ti di méjì, ìkejì kò sì sí lọ́wọ́ rẹ. Ká sọ pé ẹnìkan yá ìwé tí o ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sí, ó jókòó, ó da gbogbo rẹ̀ kọ sínú tirẹ̀, ó dá tìrẹ padà. Bí o bá mú gègé, tí o fa ìlà sórí orúkọ kan nínú tìrẹ, ìlà yẹn kò dé inú tirẹ̀, àfi bó bá tún padà wá wò ó, tó sì wù ú láti fa tirẹ̀ náà. Bí o bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn pé kó má wá mọ́, èyí tó ti kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá sì ní kó ya tirẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n tí o fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, yóò padà wá lọ́la, yóò tún un dà kọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń ṣe àsọdùn, kó rántí Path, áàpù kan tí èèyàn ń lò nígbà yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2012 ni ẹnìkan tó ń wo ohun tí áàpù náà ń fi ránṣẹ́ lórí iPhone rí i pé ó ń kó gbogbo ìwé nọ́ńbà olóhun lọ sórí sáfà láìbéèrè. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì pa gbogbo èyí tí wọ́n ti kó rẹ́. Ẹ ò rí i pé sáfà ni wọ́n ti pa á rẹ́, kì í ṣe fóònù ẹnikẹ́ni? Nínú iOS 6, tó jáde lọ́dún kan náà, ni iPhone ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi olóhun kí áàpù tó wo nọ́ńbà rẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí a ń fún áàpù lónìí kò ju ilẹ̀kùn yẹn lọ. Bí o bá gbà á padà, o ti ilẹ̀kùn ni. Ìwé tó ti kọ kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Telegram ṣe àpẹẹrẹ, torí pé òun ya bọ́tìnnì méjèèjì sọ́tọ̀ kedere: "Sync Contacts" ni ilẹ̀kùn tí à ń tì, "Delete Synced Contacts" ló ń ya ìwé tó ti dà kọ dànù. Ká ní orúkọ 600 ló wà nínú fóònù rẹ, tí 150 nínú wọn ń lo Telegram. Gbogbo 600 ló lọ. Ó ń tọ́jú 450 yòókù náà kó lè ta ọ́ lólobó lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá wọlé. Orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló ní òun ń kó. O wá pa "Sync Contacts", lẹ́yìn náà o pa púlọ́ńbà tí kò gbé e yẹn rẹ́ nínú fóònù. Oṣù mélòó kan kọjá, Telegram sọ fún ọ pé "Púlọ́ńbà Oníwàhálà" ti dé. Ọkùnrin náà kò jẹ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìwọ fún un ni, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé àdàkọ ṣì wà lórí sáfà.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Ṣí "Settings", wọ "Privacy and Security". Lórí Android, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn bọ́tìnnì náà wà. Lórí iPhone, wọ́n wà nínú "Data Settings". Kọ́kọ́ pa "Sync Contacts", kí o tó tẹ "Delete Synced Contacts". Bí o bá fi ìkejì ṣáájú, àdàkọ tuntun lè ti dé kí o tó gbé fóònù sílẹ̀. Bí o bá ní fóònù mìíràn tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àkántì kan náà, pa á níbẹ̀ náà kí o tó pa ohunkóhun rẹ́, nítorí ẹyọ ilẹ̀kùn kan tí o gbàgbé tó láti dá gbogbo 600 padà. Lẹ́yìn náà, lọ sínú sẹ́tíǹgì fóònù gan-an, kí o gba ìyọ̀ǹda nọ́ńbà lọ́wọ́ áàpù náà.

Wàá mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́: orúkọ tí o fún àwọn èèyàn yóò kúrò lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ, èyí tí wọ́n fún ara wọn yóò sì hàn. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní lọ, ìwé nọ́ńbà inú fóònù rẹ náà á sì wà bó ṣe wà. Ohun kan ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu: bí o bá ti fi "Last Seen", ìyẹn ìgbà tí wọ́n rí ọ kẹ́yìn lórí áàpù, sí "My Contacts", kò ní sí ẹni tí yóò rí i mọ́, torí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú "My Contacts" rẹ.

Facebook náà kò yàtọ̀: pa ìkójọ náà lórí gbogbo fóònù tó wà lórí àkántì rẹ, kí o tó pa èyí tó wà lórí sáfà rẹ́. Má sì retí pé àwọn tó ń dábàá fún ọ láti bá ṣọ̀rẹ́ yóò yí padà lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ parí sí ni ìwé àwọn ẹlòmíì. Púlọ́ńbà náà ní nọ́ńbà tìrẹ, ó sì ti lè jẹ́ kí áàpù dà á kọ. Bọ́tìnnì rẹ kò dé ibẹ̀. Ohun tí o lè ṣe ni pé kó má fi nọ́ńbà yẹn rí ọ. Nínú "Privacy and Security" ti Telegram kan náà, tẹ "Phone Number", yan "Nobody" fún àwọn tó lè rí nọ́ńbà rẹ, ìbéèrè kejì yóò yọ lábẹ́ rẹ̀ nípa àwọn tó lè fi nọ́ńbà wá ọ rí. Yan "My Contacts" níbẹ̀.