Àlàfo Tó Wà Láàárín Rírà àti Títà: Ohun Tó Ń Mú Ìpín Tí Kì Í Yá Lọ́jà Wọ́n

Ẹni tó bá yà sí Sábó ní Mọ́kọ́lá, níbi táwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là máa ń jókòó sí, yóò rí i pé iye méjì ni wọ́n máa ń dá. Bí èèyàn bá gbé dọ́là wá tà, wọn yóò pe iye kan fún un. Bó bá jẹ́ pé ó wá rà á ni, iye mìíràn ni wọn yóò pè, èyí yóò sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ra dọ́là lọ́wọ́ wọn, tó tún yí padà tà á fún wọn lójú ẹsẹ̀ kan náà, owó rẹ̀ ti dín, bẹ́ẹ̀ sì ni náírà kò gbéra níbi tó wà. Àlàfo yẹn ni owó iṣẹ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, tó ní náírà lọ́wọ́, tó sì ní dọ́là lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá dé má baà dúró de oníbàárà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí ọjà ìpín ìdókòwò ṣe rí náà nìyẹn. Ìpín ilé iṣẹ́ kankan kò ní iye kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú kan. Iye tó ga jù tí ẹnì kan ṣe tán láti fi rà á wà níbẹ̀, ká pè é ní owó olùrà. Iye tó kéré jù tí ẹnì kan ṣe tán láti gbà kó tó tà á náà wà níbẹ̀, ká pè é ní owó olùtà. Àlàfo ni ohun tó wà láàárín méjèèjì. Iye tí wọ́n ń kà lórí rédíò tàbí tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀ jáde kò sí nínú méjèèjì: iye tí wọ́n fi ṣòwò gbẹ̀yìn nìyẹn. Ní ti ìpín tí kì í yá, òwò ìgbẹ̀yìn yẹn lè ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú owó wò ó. Ká ní màmá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Mólété fẹ́ ra ìpín 10,000 nínú ilé iṣẹ́ kékeré kan. Iye tí wọ́n fi ṣòwò gbẹ̀yìn ni náírà mẹ́rin àti 80 kọ́bọ̀, nítorí náà ó ka 48,000 náírà sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó pe alágbàtà rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ pé kó bá òun rà á lónìí, iye yòówù kó jẹ́. Alágbàtà tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọ́dà rẹ̀ sì lọ sínú ìwé ọ́dà, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó fẹ́ tà, ní ilé pàṣípààrọ̀ ìpín l'Ékòó.

Ohun tó wà nínú ìwé ọ́dà nìyí. Ẹni tó fẹ́ gba owó tó kéré jù ń tà ní náírà márùn-ún, ṣùgbọ́n ìpín 3,000 péré ló gbé wá. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní 4,000, náírà márùn-ún àti 10 kọ́bọ̀ ló ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn tó ń tà á ní náírà márùn-ún àti 20 kọ́bọ̀. Ọ́dà màmá gba 3,000 lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó gba 4,000 lọ́wọ́ ẹnì kejì, ó sì gba 3,000 tó kù lọ́wọ́ ẹnì kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51,000 náírà, kí a tó ka owó alágbàtà àti owó ìjọba mọ́ ọn.

Ká wá ní owó ilé ìwòsàn délẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tó sì ní láti tà á padà nígbà tí ìwé ọ́dà kò tíì yí padà. Owó olùrà tó ga jù lọ jẹ́ náírà mẹ́rin àti 60 kọ́bọ̀, fún ìpín 5,000. Ẹni tó tẹ̀ lé e yóò ra 5,000 ní náírà mẹ́rin àabọ̀. Owó tó bọ́ sí màmá lọ́wọ́ jẹ́ 45,500 náírà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti 500 náírà ti lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 11 nínú ọgọ́rùn-ún, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ náà.

Ká wá fi 51,000 kan náà ra ìpín báńkì ńlá kan tí gbogbo ayé ń rà tí wọ́n ń tà. Owó olùtà jẹ́ 20 náírà, owó olùrà jẹ́ 19 náírà àti 95 kọ́bọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpín ló sì wà lórí iye kọ̀ọ̀kan. Màmá yóò rí ìpín 2,550 rà. Bó bá tà á padà lójú ẹsẹ̀, 127 náírà àti 50 kọ́bọ̀ péré ló máa bọ́ nínú owó rẹ̀. Owó alágbàtà tí wọ́n gbà lórí òwò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, a sì kọ ọ́ sórí ìwé rísíìtì. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí màmá san lórí ìpín kékeré náà ni kò sí lórí ìwé kankan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi mọ̀ pé àwọn ń san án.

Ta ló wá ń pe àwọn iye wọ̀nyí? Nínú ọjà tó kún, gbogbo èèyàn ni: olùrà pọ̀, olùtà pọ̀, wọ́n ń pàdé ara wọn. Níbi tí èrò kò bá pọ̀ ni a ti nílò ẹni tó máa jókòó bí àwọn ará Sábó, tó máa ń pe iye méjì ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá ṣí. Máákẹ́ẹ̀tì méékà ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni ilé pàṣípààrọ̀ ìpín Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, tí wọ́n yan àwọn ilé iṣẹ́ alágbàtà kan láti máa pe owó olùrà àti owó olùtà lórí àwọn ìpín tí wọ́n pín fún wọn. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń tà gan-an ni kíákíá: ó ń fi owó ara rẹ̀ rà lónìí, ó ń retí pé ẹlòmíràn yóò wá rà á lọ́wọ́ òun lọ́la.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ojúkòkòrò ló ń mú kí àlàfo fẹ̀ lórí ìpín kékeré. Òótọ́ ni pé níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń pe iye, kò sí ẹni tó máa dù ú. Apá kan ọ̀rọ̀ náà sì tún jẹ́ ti ẹrù tó pẹ́ nílẹ̀. Alárobọ̀ tó ra tòmátò ní Bódìjà mọ̀ pé bí òun kò bá tà á kíá, yóò jẹrà mọ́ òun lọ́wọ́, nítorí náà ó ń ra tirẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ìpín kì í jẹrà, ṣùgbọ́n owó tó há sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè wá lé tàbí kó dín nígbà tó bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Síbẹ̀, èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbẹ̀rù ẹni tó ń bọ̀ wá rajà.

Ní ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Lawrence Glosten àti Paul Milgrom, fi ìṣirò hàn pé bí máákẹ́ẹ̀tì méékà kò bá tilẹ̀ gba èrè kọ́bọ̀ kan, tí kò sì ní ìnáwó kankan, àlàfo yóò ṣì wà. Ìdí ni pé lára àwọn tó ń wá bá a, àwọn kan mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ìṣirò náà kò le. Ká ní ìpín kan yóò di náírà 12 bí ìròyìn ayọ̀ bá wà nínú ilé iṣẹ́ náà, yóò sì di náírà mẹ́jọ bó bá jẹ́ ti ìbànújẹ́, tó sì jẹ́ pé bákan náà ló ṣeé ṣe kí èyíkéyìí nínú ìròyìn méjèèjì jẹ́ òótọ́. Lójú máákẹ́ẹ̀tì méékà, náírà mẹ́wàá ló jẹ́. Nínú oníbàárà mẹ́wàá, méjì mọ ìròyìn náà. Mẹ́jọ tó kù kò mọ nǹkan kan: owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń mú àwọn kan tà, owó àjọ tí àwọn kan kó ló ń mú wọn rà, ìdajì ìdajì.

Bí ìròyìn bá dára, méjì tó mọ̀ yóò rà, mẹ́rin nínú àwọn yòókù yóò rà, ó di mẹ́fà. Bí ìròyìn bá burú, mẹ́rin péré ni yóò rà. Èyí ni pé, kìkì bí ẹnì kan ṣe dé tó ní òun fẹ́ rà, ó ti fi hàn pé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ìròyìn ayọ̀, ìdá mẹ́rin ni ti ìbànújẹ́. Iye tó yẹ kí a tà á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti di náírà mẹ́wàá àti 40 kọ́bọ̀. Bí ẹnì kan bá sì dé tó fẹ́ tà, lọ́nà kan náà, náírà mẹ́sàn-án àti 60 kọ́bọ̀ ló yẹ. Àlàfo 80 kọ́bọ̀ nìyẹn, máákẹ́ẹ̀tì méékà kò sì jèrè nínú rẹ̀: ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ló fi ń dí ihò tí àwọn tó mọ̀ dá sí i lápò.

Ká wá jẹ́ kí oníbàárà di 40, ṣùgbọ́n kí àwọn tó mọ̀ ṣì jẹ́ méjì. Bí ìròyìn bá dára, 21 yóò rà. Bó bá burú, 19 yóò rà. Owó olùtà di náírà mẹ́wàá àti 10 kọ́bọ̀, owó olùrà di náírà mẹ́sàn-án àti 90 kọ́bọ̀. Àlàfo ti wálẹ̀ láti 80 kọ́bọ̀ sí 20. Ìpín kan náà ni, ìròyìn kan náà ni, àwọn méjì kan náà ló mọ̀ ọ́n.

Ibí gan-an ni ìpín tí kì í yá ti ń jìyà. Ilé iṣẹ́ kékeré ní ọ̀gá àgbà, ó ní akọ̀wé owó, ó ní ẹ̀gbọ́n ọ̀gá àgbà, gẹ́gẹ́ bí báńkì ńlá ṣe ní wọn. Òfin kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi ìròyìn inú ilé iṣẹ́ tí aráyé kò tíì gbọ́ ṣòwò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe iye kò lè rí ojú ẹni tó fi ọ́dà ránṣẹ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ kékeré kò ní ni ọ̀pọ̀ èrò lásán tí àwọn wọ̀nyí ìbá sọnù sáàárín wọn. Àlàfo ń fẹ̀, èrò ń sá fún àlàfo, bí èrò sì ṣe ń dín kù ni àlàfo tún ń fẹ̀ sí i. Kò rọrùn láti já okùn yìí.

Kí ẹni tó fẹ́ rà tó san owó, kò yẹ kó tẹjú mọ́ iye òwò ìgbẹ̀yìn. Kó ní kí alágbàtà ka owó olùrà àti owó olùtà fún òun, kó sì bi í léèrè iye ìpín tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kó fi àárín méjèèjì pín in. Ti màmá jẹ́ 40 kọ́bọ̀ lórí náírà mẹ́rin àti 80, èyí tó lé ní mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ti báńkì ńlá kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ alágbàtà yóò gbani níyànjú rẹ̀ ni límíìtì ọ́dà, ìyẹn ni pé kí olùrà dá iye tí kò ní kọjá. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn. Ká ní màmá ti fi ọ́dà sílẹ̀ dípò ìyẹn, pé náírà mẹ́rin àti 75 kọ́bọ̀ lòun yóò rà á, 10,000. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò sí ohun tó bọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, 2,000 wọlé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan ta 8,000 tó kù fún un lẹ́ẹ̀kan náà, láìbá a dúnàá dúrà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àdánù ló bá òun lọ́dún yìí, owó olùrà tó ga jù sì já sí náírà mẹ́rin àti 30 kọ́bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ́dà màmá fi wà nílẹ̀, òun ló jókòó sórí àga máákẹ́ẹ̀tì méékà, ó ń pe iye fún ẹni tí kò rí ojú rẹ̀. Ẹni tó ta 8,000 fún un ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ti fi 40 kọ́bọ̀ yẹn ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.