Ìpolówó tí kì í pariwo: ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán fún ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ìdìrí bá ṣí

Obìnrin tó ń kiri àgbàdo kì í kí gbogbo ará ilé tán kó tó sọ ohun tó gbé lórí. «Lángbé jinná o!» ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá gbọ́ «lángbé», ó gbọ́ «jinná», ó sì ti mọ̀ bóyá kí òun dìde. Ká ní «Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, inú wa dùn gidigidi láti fi tó yín létí» ló fi bẹ̀rẹ̀, yóò ti yà ní kọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kan àgbàdo.

Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà nìyẹn. Ínsítágíráàmù fàyè gba lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 125 àkọ́kọ́ ni ojú máa rí bí ìka ṣe ń ti àwòrán lọ sókè. Ìyókù fara pa mọ́ sẹ́yìn `more`, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì ti wọ̀ lára ló máa tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ fídíò kúkúrú, àyè náà tún kéré sí i. Kò ju bí ìlà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí «A ti ṣí o! Ẹ wá bá wa ṣàjọyọ̀» fi jẹ́ òfò. Ó jẹ àyè tó ṣeyebíye jù lọ tán, kò sì sọ irun, kò sọ àdúgbò, kò sọ iye.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé: abẹ́ àwòrán, abẹ́ fídíò, orí sítétọ́ọ̀sì Wáàsáàpù. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lójú ọ̀nà, èrò á pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ká tiẹ̀ ní èrò pọ̀ lóòótọ́, kí ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ fi wọ́n ṣe? Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, ìbéèrè yìí ló yẹ kó dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó fẹ́ ṣí ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn onídìrí mẹ́ta ló sì ń ṣiṣẹ́. Dídì irun onírun ní wẹ́wẹ́ máa ń gba bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lórí ẹnìkan. Bí wọ́n bá ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n sì pa dà sílé láago méje alẹ́, onídìrí kan kò lè di ju orí méjì lọ. Orí mẹ́fà péré lọ́jọ́ kan nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ ìpolówó bá wá kó èèyàn ogún wá ní Sátidé, tó jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń múra òde, mẹ́rìnlá ló máa bínú lọ sílé, wọn yóò sì ròyìn ṣọ́ọ̀bù náà fáwọn míì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wẹ̀, àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣófo láti àárọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ìṣíṣí dà bí ẹnu odò tí àgbẹ̀ là sí oko. Bó bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, omi á gbá ebè lọ. Bó bá dí i pa, ewébẹ̀ á gbẹ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ló yẹ kó fa èèyàn, ti ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ló sì yẹ kó fọwọ́ mú wọn dúró. Lábẹ́ àwòrán ọjọ́ Ajé, a lè kọ ọ́ báyìí:

«Orí mẹ́fà la máa dì lọ́la Ìṣẹ́gun, ní Àpáta. Mẹ́ta ṣì kù. Ẹ tẹ̀ wá láago kí ẹ tó jáde nílé.»

Ìlà yìí kò tó lẹ́tà 125, gbogbo rẹ̀ ló hàn láìtẹ nǹkankan. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù lè ṣe gan-an ló sọ. Tó bá di Sátidé, ohùn á yí pa dà: «Àyè irun onírun ti kún lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́, a lè gbà yín lẹ́yìn aago mẹ́rin.» Ọ̀pọ̀ onídìrí kì í fẹ́ kọ irú èyí, wọ́n ní ó ń lé oníbàárà. Àmọ́ oníbàárà tí a sọ òótọ́ fún kó tó wọ ọkọ̀ ni yóò pa dà wá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ tó dùn jù wà, ìyẹn sísọ irun lórúkọ. Láti ọdún 1968 ni ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní J.D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán nínú ayé rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù, kí ìlà àti ìdì lè hàn kedere. Orúkọ irun náà ló wá fi ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn: ọ̀kan ń jẹ́ Onílé Gogoro, òmíràn ń jẹ́ Ṣùkú Ṣinẹ́rò. Kò sí àpọ́nlé kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wo àwòrán náà tó sì ka orúkọ rẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tó lè lọ bá onídìrí sọ.

Ohun tó ń sọnù lábẹ́ ọ̀rọ̀ bíi «Ẹwà rẹ ni ìyì wa» nìyẹn. Ọmọbìnrin tó rí irun tó wù ú lórí fóònù kò mọ bó ṣe máa pè é. Á ní «èyí tó dúró sókè, tó ní ìlà wẹ́wẹ́», onídìrí á sì di nǹkan míì fún un. Bí orúkọ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ń wá a lórí ìkànnì lè rí i, torí àwọn ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ àwòrán wà lára ohun tí ìwákiri Ínsítágíráàmù ń wò. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú, lábẹ́ àwòrán ẹ̀yìn orí tí a yà ní ìtòsí tó bẹ́ẹ̀ tí awọ orí fi ń dán láàárín ìlà, lè rí báyìí:

«Ṣùkú, ìlà méjìlá, irun orí nìkan. Wákàtí kan àtààbọ̀. ₦4,000.»

Kò sí àmì ẹ̀rín, kò sí àmì iná, kò sí «ẹ yára». Ó dákẹ́, àwòrán ló ń sọ̀rọ̀. Iye náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àṣà «ẹ kọ̀wé sí wa fún iye rẹ̀» ń da èèyàn láàmú, nítorí ẹni tí kò mọ̀ bóyá owó òun á ká a kì í fẹ́ béèrè kí ojú má bàa tì í. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, náà sì ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà tàbí iṣẹ́ fún títà jẹ́ kí oníbàárà rí iye rẹ̀.

Nítorí orúkọ irun náà ló fi jẹ́ pé àmì ohùn àti ẹsẹ̀ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kojúsọ́kọ ni irun tó dojú kọ ọkọ. Ẹni tó bá kọ «kojusoko» ti fún àṣà irun náà láyè láti dojú kọ oko.

Ti Wáàsáàpù yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn wákàtí 24, sítétọ́ọ̀sì ti parẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó bá òní mu ló yẹ níbẹ̀: «Iná ń jó, dráyà ń ṣiṣẹ́, àga kan ṣófo títí di aago méjìlá.» Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Bí oníbàárà bá ti ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n tí ṣọ́ọ̀bù kò fi nọ́ńbà oníbàárà náà pa mọ́ sínú fóònù, oníbàárà kò ní rí sítétọ́ọ̀sì náà. Bó bá jẹ́ òdìkejì, kò ní rí i náà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ara wọn nínú fóònù. Onídìrí tó ń gbé sítétọ́ọ̀sì ogún jáde lójúmọ́ tí èèyàn mọ́kànlá ń wò lè máa rò pé ọ̀rọ̀ òun ni kò dùn, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà àwọn tó wá lánàá wà nínú ìwé, kò tíì dé inú fóònù. Ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ yìí: «Ẹ fi nọ́ńbà wa pa mọ́, kí ẹ sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí wa, kí àwa náà lè fi tiyín pa mọ́.» Orúkọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni iṣẹ́ gan-an, ó mú nọ́ńbà wọn wá fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tí irun iwájú orí wọn ti ń fẹ́lẹ́ nítorí dídì tó le tàbí irun onírun tó wúwo tó ń fa gbòǹgbò. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń sọ ọ́. Fífi àwòrán orí ẹnìkan hàn ṣáájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú «ẹ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀!», máa ń lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jìnnà, ojú á sì ti ẹni tó ni orí náà bí a kò bá gbàyè lẹ́nu rẹ̀. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ àwòrán òòyà àti òwú lórí tábìlì, láìsí ojú ẹnikẹ́ni, a lè kọ ọ́ báyìí: «Bí iwájú orí yín bá ń fẹ́lẹ́, ẹ sọ fún wa kí a tó fọwọ́ kan irun. A ó dì í rọ̀. Bó bá yẹ kí irun sinmi, a ó sọ fún yín, a kò sì ní gbowó ìyẹn.» Irú ọ̀rọ̀ yìí lè má rí ju àmì ìfẹ́ díẹ̀ lọ lójú gbogbo ayé. Kí onídìrí má yọ ọ́ nítorí ìyẹn, torí àpótí ìwé ìkọ̀kọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń gbà wá.

Iye àmì ìfẹ́ tí àwòrán rí kò lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Ìwé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó ló lè sọ ọ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó, a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló rí tó fi wá, a sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an sílẹ̀. «Ọ̀rẹ́ mi ló júwe yín» jẹ́ ọ̀kan. «Mo kàn ń kọjá ni» jẹ́ ọ̀kan. Bí obìnrin kan bá sì wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, tó ní «Ṣùkú onílà méjìlá yẹn, tó gba wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ ṣe é fún mi», kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ tirẹ̀.