Ìdí Tí Epo Olówó Pọ́ọ́kú Fi Máa Ń Di Àwátì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí ọdún Kérésìmesì ń kanlẹ̀kùn, epo bẹntiró di àwátì káàkiri Nàìjíríà. Ní ilé epo kan tí mo ti tò láti aago márùn-ún ìdájí, ìlà ọkọ̀ ti gùn dé ìkóríta kejì kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu gbogbo wa: ìjọba ti ní kí wọ́n máa ta lítà kan ní 145 náírà, àwọn onílé epo ló ń fi epo pamọ́ nítorí ọ̀kánjúà. A gbà pé bí ìjọba bá rán ọlọ́pàá sí wọn, tí wọ́n sì fi àwọn olórí kunkun jófin, epo yóò yọjú, a ó sì rà á ní iye tí wọ́n dá lé e. Èmi náà gba èyí gbọ́ nígbà náà. Ìṣirò ló yí mi lọ́kàn padà.

Ìṣirò ọ̀hún kò le. Àjọ NNPC fúnra rẹ̀ sọ lákòókò náà pé kí lítà epo kan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa láti òkè òkun, ó ti tó nǹkan bíi 171 náírà. Gbèdéke tí ìjọba fi lé e ní ilé epo sì jẹ́ 145. Ẹ jẹ́ ká mú táńkà kan tó gba 33,000 lítà. Owó tí wọ́n fi gbé epo inú rẹ̀ wá jẹ́ 5,643,000 náírà. Bí wọ́n bá sì tà á tán ní iye tí òfin gbà, láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù, 4,785,000 ni wọn yóò rí. 858,000 náírà ti wọmi lórí táńkà kan ṣoṣo, a kò sì tíì san owó awakọ̀, owó dípó, àti owó oṣù àwọn tó ń ta epo. Kò sí bí ọlọ́pàá ṣe lè fi kóńdó sọ àdánù yìí di èrè. Nítorí náà, àwọn oníṣòwò aládàáni dáwọ́ ríra epo láti òkè òkun dúró, ó wá ku NNPC nìkan tó ń gbé e wọlé, tó sì ń gbé àdánù náà rù. Ọwọ́ kan kò sì gbẹ́rù dórí.

Ẹni tó bá ṣì rò pé ọ̀kánjúà ló fà á, kí ó wẹ̀yìn wo ọdún kan àbọ̀ ṣáájú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, epo ti wọ́n gógó, gbèdéke sì wà ní 86.50 náírà. Ìjọba gbé e lọ sí 145, kò sì pẹ́ tí ìlà fi túká, tí a sì ń rí epo rà wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Àwọn oníṣòwò kan náà ni. Ọ̀kánjúà wọn kò lọ sinmi ní 2016 kí ó tún padà dé ní 2017. Ohun tó yí padà ni owó epo rọ̀bì lọ́jà àgbáyé, tó kúrò ní bíi dọ́là 48 lórí àgbá kan lọ sí nǹkan bíi 64, nígbà tí 145 náírà wa dúró gbọn-in síbi tó wà. Gbèdéke tó bá ga ju owó ọjà lọ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ọjọ́ tí owó ọjà bá fò ó kọjá ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan ń fi epo pamọ́, n kò sì gbè wọ́n lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ọjà pamọ́ bí kò bá rò pé yóò wọ́n tàbí pé yóò lówó lórí lọ́la. Ìrètí yẹn gan-an ni gbèdéke ń gbìn sí wọn lọ́kàn.

Bí epo kò bá wá tó, olùrà yóò san owó rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ká ní awakọ̀ takisí kan fẹ́ ra lítà 40. 5,800 náírà ni yóò kà fún ẹni tó ń ta epo, ṣùgbọ́n ó ti tò fún wákàtí mẹ́fà, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bá a lọ. Bó bá jẹ́ pé 6,000 ló máa ń pa lójúmọ́, a jẹ́ pé 11,800 ni epo yẹn ná an, èyí sì jẹ́ 295 náírà lórí lítà kan. Ẹni tó gbé jẹ́ríkàn dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń pe tirẹ̀ ní 280, ẹ̀dínwó ló ń fún un. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé 6,000 tó ṣòfò sórí ìlà yẹn kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni: onílé epo kò rí i, ìjọba kò rí i, ẹni tó ń gbé epo wọlé kò rí i kí ó fi ra òmíràn wá.

Báyìí ni ọjà bíláàkì ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilé epo tí mo sọ lókè yẹn, wọ́n ní epo tán ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Lálẹ́, tí wọ́n ti pa iná, tí wọ́n sì ti ti géètì, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé jẹ́ríkàn gba ẹ̀yìn wọlé, tí wọ́n ń fún ẹni tó di pọ́ǹpù mú ní owó ẹ̀yìn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀, epo kan náà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi iná tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kí ó má baà gba lítà tó yẹ kó gbà. Àwọn mìíràn ń fi kẹrosíìnì lú u. Ẹni tó bá ní láti ra irú epo bẹ́ẹ̀ lè kán díẹ̀ sórí bébà funfun níta gbangba, jìnnà sí iná: bẹntiró gidi yóò gbẹ láìfi àbàwọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀ yóò fi ọ̀rá sílẹ̀ lára bébà. A kò lè gbé ẹjọ́ oníkẹ́ẹ̀gì lọ síbì kankan, nítorí ọjà tí òfin kò mọ̀ kò ní ẹni tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò níbẹ̀.

Epo olówó pọ́ọ́kú kò sì mọ ààlà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gbé epo Nàìjíríà gba Ìdírókò àti Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń tà á nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní payo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè fòfin de gbígbé epo lọ sí ilé epo èyíkéyìí tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà abúlé Yorùbá tó wà lẹ́bàá ààlà, tí wọn kò ṣe fàyàwọ́ rí, di ẹni tó ń ra epo lọ́wọ́ oníkẹ́ẹ̀gì nínú ìlú tiwọn. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò nílẹ̀ ní 2023, owó payo fò sókè ní Kútọnu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fi ìbọn kún ìbọn ní ẹnubodè.

Owó ìrànwọ́ yẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbèdéke fi lè dúró láìsí ìlà: kí ìjọba máa san àlàfo tó wà láàárín owó ọjà àti iye tí wọ́n fi lélẹ̀, kí ó sì máa san án lásìkò. Bí owó náà bá fà sẹ́yìn, epo yóò fà sẹ́yìn pẹ̀lú. N kò sọ pé yíyọ rẹ̀ kò ni àwọn tálákà lára. Láti ìsàlẹ̀ 200 náírà, lítà kan dé 617 ní oṣù Keje ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iye náà tún dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tí náírà ń já wálẹ̀ sí dọ́là, láti nǹkan bíi 770 títí ó fi kọjá 1,500. Ẹni tó ń wo àlàfo náà bó ṣe ń fẹ̀ ti lè mọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, a ti padà sórí ìlà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà sì ni NNPC jẹ́wọ́ pé gbèsè tí òun jẹ àwọn tó ń kó epo wá ti ń wọ òun lọ́rùn.