Orísun omi tí ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣàn wá

Bí a ṣe ń kọ́ ìdíje pípé, níbi tí olùtajà ti pọ̀ lọ súà, òlígópólì, níbi tí wọ́n ti mọ níwọ̀n, àti mònópólì, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń tà, fún ìdánwò ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, èèyàn á rò pé nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣirò kan náà ló bí wọn, nínú ìwé kan tó jáde ní Parisi lọ́dún 1838. Antoine Augustin Cournot, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló kọ ọ́, ọ̀dọ̀ mònópólì ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ká wo ẹnì kan tó ni orísun omi tó ń ṣara lóore, tí kò sì ná an lówó rárá láti pọn ọ́n. Èló ni kó máa tà á? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tiwa sí i: P = 120 − Q, tí P jẹ́ owó ìgò kan, tí Q sì jẹ́ iye ìgò tí wọ́n rà. Bó bá ta ìgò 60, owó ìgò kan á jẹ́ 60, 3,600 á sì wọlé. Bó bá fẹ́ ta ọ̀kan sí i, ó di dandan kó dín owó gbogbo ìgò kù sí 59, yóò wá rí 3,599. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú: wọ́n rò pé ìgò kọkànlélọ́gọ́ta mú 59 wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ó mú ẹyọ kan kúrò ni.

Cournot wá fi olórísun kejì kún un. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo iye tí ẹnì kejì ń tà, ó sì ń ta ìdajì ohun tó kù nínú 120. Bí èkejì bá ta 60, ti ẹni àkọ́kọ́ á jẹ́ 30. Èkejì náà á rí 30 yìí, á sún sí 45. Wọn ò ní dúró títí kálukú fi máa ta 40. Owó á jẹ́ 40, kálukú á sì rí 1,600.

Kí ló dé tí wọn ò fi ṣàdéhùn láti máa ta 30-30, kí kálukú rí 1,800? Nítorí pé ẹni tó bá yọ́ ta 45 á rí 2,025, èkejì á bọ́ sí 1,350. Ìdí nìyẹn tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fi ń tètè dàrú.

Bí olórísun bá di márùn-ún, owó á já sí 20. Bí wọ́n bá pọ̀ lọ súà, owó á máa sún mọ́ òdo, ìyẹn iye tí omi náà ń náni. Ìdíje pípé nìyẹn: òpin ọ̀nà tí mònópólì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1883, Joseph Bertrand, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé mìíràn, ta ko Cournot. Ó ní bó bá jẹ́ owó ni àwọn méjèèjì ń yàn, tí kì í ṣe iye ìgò, wọ́n á máa dín in lu ara wọn ni. Bí omi wọn bá rí bákan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè bọ́ gbogbo ọjà, ẹni méjì péré ti tó láti sọ owó di òdo. Nítorí náà, ká tó ṣírò òlígópólì, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá iye ọjà ni wọ́n ń yàn tàbí owó. Cournot ti kú láti 1877, kò sí láyé láti fèsì.