Bí a ṣe ń mọ bàrà olómi tó ti pọ́n kí ọ̀bẹ tó kàn án

Bàrà olómi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí wọ́tàmẹ́lọ̀n, kì í dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gé e kúrò lára ìtàkùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé nígbà tí ó gbó lè pọ́n nínú ilé kí ó sì dùn, nítorí pé sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, ṣùgbọ́n bàrà olómi kò ní irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Ewé ló ń ṣe ṣúgà rẹ̀, ìtàkùn ló ń gbé e wá, ọjọ́ tí a bá sì gé ọrùn èso náà ni ìpèsè yẹn parí. Inú rẹ̀ lè pupa díẹ̀ sí i níbi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, àmọ́ adùn rẹ̀ kò ní kúrò níbi tí ó dé. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún péré yá a gé fi lè rí èso tí ó tóbi, tí ó kún fún omi, tí ó sì tẹ́ lẹ́nu, nítorí pé apá tí ó pọ̀ nínú adùn rẹ̀ máa ń wọlé ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí èso náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ títóbi dúró.

Àmì mẹ́ta ni àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń wò: okùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn èso, ojú tí èso náà fi dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, àti ìró tí ó ń dún nígbà tí a bá gbá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró. Ní tèmi, òun ló yẹ kí ó kẹ́yìn, nítorí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló rọrùn jù láti ṣì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn náà. Bí ìtàkùn bàrà ṣe ń fà lórí ilẹ̀, ó ní àwọn oríkèé tí ewé ti ń yọ, ní oríkèé wọ̀nyí náà sì ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń ká ti máa ń jáde, èyí tí ìtàkùn fi ń di koríko àti igi kéékèèké mú. Okùn tí a ní láti wò ni èyí tí ó wà ní oríkèé kan náà tí ọrùn èso ti jáde, kì í ṣe èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí èso ṣì ń dàgbà, okùn yìí máa ń tutù yọ̀yọ̀, yóò sì rọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí èso bá ń súnmọ́ pípọ́n, orí okùn náà yóò kọ́kọ́ gbẹ, gbígbẹ náà yóò sì máa bọ̀ wá sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀ tí yóò sì ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó gbẹ lórí nìkan kò tíì tó gé. Èyí tí ó gbẹ dé ìdí ni a ó máa wo àmì kejì lára rẹ̀.

Mo ní kí a wo àmì kejì nítorí pé oríṣi bàrà kò ṣe bákan náà. Nínú àwọn oríṣi kan, okùn yìí máa ń gbẹ tán ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí inú èso tó dùn tán, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú àwọn mìíràn, gbígbẹ rẹ̀ àti pípọ́n èso jọ máa ń bọ́ sí àsìkò kan náà. Ọ̀dá lè gbẹ okùn náà, àrùn ewé lè gbẹ ẹ́, ẹsẹ̀ ẹni tó ń roko sì lè tẹ̀ ẹ́ já. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a wo okùn ní oríkèé méjì tó yí i ká: bí àwọn yẹn bá ṣì tutù tí ti ẹ̀gbẹ́ èso nìkan sì gbẹ, èso ló fà á. Bí gbogbo wọn bá gbẹ pa pọ̀, ìtàkùn ló ń ṣàìsàn tàbí ló ń pòǹgbẹ, okùn náà kò sì ní ohunkóhun láti sọ fún wa nípa inú èso mọ́.

Àmì kejì ni ojú ìdùbúlẹ̀, ìyẹn ibi tí èso náà fi kanlẹ̀. Oòrùn kì í dé ibẹ̀, nítorí náà àwọ̀ ewé kì í pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ara yòókù. Lára èso tí kò tíì gbó, ojú yìí máa ń funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Bí èso bá ṣe ń pọ́n, yóò kúrò ní funfun, yóò ṣe bí ẹni pé a ta epo díẹ̀ sí i, yóò sì wá di pupa rúsúrúsú bíi bọ́tà. Àwọ̀ yẹn ni kí a wá, kì í ṣe bí ojú náà ṣe tóbi tó, nítorí pé èso tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀ lè rì díẹ̀ kí ojú ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ láìtíì pọ́n. Nínú àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, òun nìkan sì ni ó máa ń bá èso dé ọjà láìyí padà, níwọ̀n ìgbà tí okùn ti ṣẹ́kù sí oko.

Síbẹ̀, ó ní ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ. Àgbẹ̀ tí ó bá ń yí èso rẹ̀ padà kí abẹ́ rẹ̀ má baà jẹrà ń pa àmì yìí rẹ́ ni, ó sì ń ṣí èèpo tí kò mọ oòrùn rí sílẹ̀ kí oòrùn jó o. Èso tí ó dùbúlẹ̀ lórí koríko gbígbẹ tàbí lórí ọ̀rá tí a tẹ́ sórí ebè lè ní ojú tí àwọ̀ rẹ̀ kò hàn tó ti èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ gangan. Bákan náà ni àwọn oríṣi kan wà tí gbogbo èèpo wọn máa ń pọ́n rúsúrúsú bí wọ́n bá gbó, irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé fi ojú ìdùbúlẹ̀ dá mọ̀.

Nípa ti ìró, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èso ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Èso tí kò tíì pọ́n le nínú, ohun tí ó le sì máa ń gbọ̀n kíákíá bí a bá gbá a, ìdí nìyí tí ìró rẹ̀ fi máa ń lọ sókè, tí ó sì máa ń dún kán-kán. Bí ó ti ń pọ́n, inú rẹ̀ ń rọ̀, ìgbọ̀n náà ń falẹ̀, ìró sì ń wálẹ̀ di gbùn-ún. Bí ó bá pọ́n jù, inú rẹ̀ á ti rọ̀ débi pé ó ń gbé ìró mì, a kò sì ní gbọ́ ju pà kan tí kò ní ìdún lẹ́yìn. Àwọn kan máa ń fi ara ènìyàn kọ́ni: ìró iwájú orí ni ti àìpọ́n, ìró àyà ni ti pípọ́n, ìró ikùn ni ti pípọ́njù. Àfiwé náà dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ohun tí àfiwé yẹn kò sọ ni pé bí èso ṣe tóbi tó náà ń pa ìró dà. Èso ńlá máa ń dún nísàlẹ̀ ju èso kékeré lọ, yálà ó pọ́n tàbí kò pọ́n, nítorí pé ohun tí ó wúwo máa ń gbọ̀n jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá gbá èso kékeré kan tó ti pọ́n, tó sì wá gbá èso ńlá kan tí kò tíì pọ́n, lè mú èyí tí kò pọ́n lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Àwọn tí wọ́n tóbi bákan náà, tí wọ́n sì jẹ́ oríṣi kan náà, ni kí a máa fi wé ara wọn. Kí a gbé èso lé àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí kí a fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí a fi oríkèé ìka gbá a ní àárín ìbàdí rẹ̀, kí a má sì gbá èyí lórí ilẹ̀ kí a wá gbá ìkejì rẹ̀ lórí ọwọ́, nítorí pé ohun tí èso wà lórí rẹ̀ ń yí ìró padà. Èso tí inú rẹ̀ là, tí ihò sì wà láàárín rẹ̀, náà máa ń dún bí ohun tó ṣófo, ìró yẹn kò sì túmọ̀ sí pé ó ti pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú èso mẹ́ta lórí ebè kan yẹ̀ wò. Èyí àkọ́kọ́ ti lo ọjọ́ 38 láti ìgbà tí òdòdó abo rẹ̀ ti tanná. Láàárín ọjọ́ 35 sí 45 ni ọ̀pọ̀ oríṣi máa ń gbó, kíákíá nígbà ooru, pẹ́pẹ́ nígbà òtútù. Okùn ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ gbẹ dé ìdí, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣì tutù, ojú ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ rúsúrúsú, ó sì dún gbùn-ún. Kí a gé e. Ìkejì tóbi ju àkọ́kọ́ lọ, ó sì dún gbùn-ún gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí okùn rẹ̀ nìkan ló gbẹ, ojú ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ sì ṣì funfun. Títóbi rẹ̀ ló rẹ ìró náà sílẹ̀. Kí a fi í sílẹ̀, kí a padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ìkẹta ni ó ṣòro. Okùn rẹ̀ gbẹ pátápátá, àmọ́ àwọn okùn tó yí i ká náà gbẹ, àpá dúdú wà lára ewé, ojú ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ sì ṣì funfun. Okùn yẹn kò ṣeé gbà gbọ́, èso náà kò sì tíì pọ́n. Ohun tí a ó ṣe wà lọ́wọ́ ewé tó kù: bí èyí tó pọ̀ nínú wọn bá ṣì wà láàyè, kí a dúró, nítorí pé wọ́n ṣì ń ṣe ṣúgà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti rọ tán, ìdúró kò ní fi adùn kún un, oòrùn nìkan ni yóò máa jó o, nítorí náà kí a gé e ká sì mọ̀ pé kò ní dùn tó àkọ́kọ́.

Bí a bá ń gé, kí a lo ọ̀bẹ mímú, kí a má fi ọwọ́ fà á tu, nítorí pé ọrùn bàrà olómi kì í tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ti wù kí ó pọ́n tó, fífà sì lè ya èèpo rẹ̀. Kí a fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ọrùn sílẹ̀ lára rẹ̀ kí ìjẹrà má baà tètè gba ibẹ̀ wọlé. Èso àkọ́kọ́ tí a bá gé nínú oko, kí a là á níbẹ̀ kí a tó kan èkejì. Bí inú bá pupa dé itòsí èèpo, tí kóró sì dúdú (nínú oríṣi tó ní kóró), àwọ̀ ojú ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni ìwọ̀n tí a ó fi gé ìyókù lọ́jọ́ náà. Bí inú bá ní iyanrìn lẹ́nu, tí ó sì ń já kúrò lára kóró, a ti pẹ́ jù fún àwọn tó tanná pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó sì rí bíi rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lóko lọ́jọ́ yẹn kan náà.