Ọ̀rọ̀ arọ́pò fún àtẹ ìṣàkóso

Ọ̀rọ̀ arọ́pò ni ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ àwòrán lórí kọ̀ǹpútà kí ẹni tí kò ríran lè gbọ́ ohun tí àwòrán náà ń sọ. Nínú HTML, inú `alt` ni a ń kọ ọ́ sí. Ètò akàwé, irú bíi NVDA, JAWS, VoiceOver àti TalkBack, ni yóò kà á sókè. Ìlànà WCAG, tí ẹgbẹ́ W3C ṣe kí ojú ewé ayélujára lè wúlò fún àwọn abirùn náà, béèrè fún un ní ojú ìlà 1.1.1. Ojú ìlà 1.3.1 sì béèrè pé kí ìbátan tó hàn sí ojú má ṣe sọnù fún etí.

Àtẹ ìṣàkóso ni àwòrán àpótí àti ìlà tó ń fi ẹni tó ń jábọ̀ àti ẹni tó ń jábọ̀ fún hàn nínú iléeṣẹ́. Ó ṣòro ju fọ́tò lọ láti ṣàpèjúwe, nítorí pé inú ìlà ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà, kò sí nínú orúkọ tó wà nínú àpótí. Ojú lè tẹ̀ lé ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tún padà sókè. Etí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ní í tẹ̀ lé èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 16 ní Èkìtì lè gbé jáde. Alága dá wà lókè. Àpótí mẹ́rin wà ní ìpele kejì: igbákejì alága, akọ̀wé, ayẹ̀wé-owó-wò àti olórí òṣìṣẹ́. Ìpele kẹta ní olórí ẹ̀ka mẹ́rin, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ olórí òṣìṣẹ́: ìṣúná, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ òde àti ìlera alábọ́dé. Ìpele kẹrin tún ní mẹ́rin: onísirò owó àti olórí agbowó-orí wà lábẹ́ ìṣúná, alábòójútó àjẹsára àti alábòójútó ìlera ìyá àti ọmọ wà lábẹ́ ìlera. Ìlà kan tí a gé wẹ́wẹ́ tún lọ láti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka ìlera sí àpótí kan tó wà lẹ́yìn òde, èyí tó dúró fún àjọ ìlera alábọ́dé ti ìpínlẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a ka àtẹ náà ní ìpele ìpele bí ojú ṣe rí i. Olùgbọ́ yóò gbọ́ pé: “Ìpele kẹrin: onísirò owó, olórí agbowó-orí, alábòójútó àjẹsára, alábòójútó ìlera ìyá àti ọmọ.” Gbogbo orúkọ ló pé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ní ta nínú wọn. Ọ̀nà tó tọ́ ni ti ẹni tó ń ka agbo ilé ìlú: yóò wọ agbo ilé kan, yóò dárúkọ baálé, yóò ka àwọn ọmọ rẹ̀ tán, kí ó tó jáde bọ́ sí èkejì. Bí a bá dé ẹ̀ka ìṣúná, a gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan àwọn méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí a tó dárúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ibi tí a óò kọ èyí sí tún ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ inú `alt` kò ní àkọlé, kò ní àtòjọ, kò sí ibi tí olùgbọ́ ti lè dúró kí ó padà sí ẹ̀ka kan. Àpótí mẹ́rìnlá nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yóò di ariwo lásán. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ arọ́pò kúkúrú ni a óò so mọ́ àwòrán, tí yóò sọ ohun tí ó jẹ́, bó ṣe tóbi tó, àti ibi tí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wà. Àtòjọ onípele ni a óò wá gbé gbogbo ìbátan náà sí, lábẹ́ àwòrán gan-an, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i:

```html
<img src="ate.png" alt="Àtẹ ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀.
Ènìyàn 4 ń jábọ̀ fún alága; ẹ̀ka 4 wà lábẹ́
olórí òṣìṣẹ́. Àtòjọ kíkún wà nísàlẹ̀.">
<ul>
  <li>Alága
    <ul>
      <li>Igbákejì alága</li>
      <li>Olórí òṣìṣẹ́ (ẹ̀ka 4)
        <ul>
          <li>Ìṣúná (ènìyàn 2)</li>
        </ul>
      </li>
    </ul>
  </li>
</ul>
```

Apá kan àtòjọ náà nìyí, láti fi hàn bí `ul` kan, ìyẹn àtòjọ, ṣe ń wọ inú `li`, ìyẹn ẹyọ, ti ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Bí NVDA bá wọ inú àtòjọ, yóò sọ iye ẹyọ tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jáde, yóò sọ bẹ́ẹ̀. Olùgbọ́ lè tẹ lẹ́tà L láti fò sí àtòjọ tó kàn, tàbí I láti fò sí ẹyọ tó kàn. Bí ó bá ti gbọ́ “Ìṣúná, ènìyàn 2”, ó ti mọ iye tí òun ń retí kí ẹ̀ka náà tó parí. Iye yìí wúlò jù níbi tí àtòjọ ti jinlẹ̀, torí ibẹ̀ ni etí ti máa ń ṣìnà.

Àwọn kan máa ń fi `aria-describedby` so àwòrán mọ́ àtòjọ náà, wọ́n rò pé ó dára sí i. Ewu wà níbẹ̀: ètò akàwé máa ń yọ gbogbo ìpele kúrò, á sì ka àtòjọ náà ní àkàpọ̀ bí ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo. Ó tó kí ọ̀rọ̀ arọ́pò sọ pé àtòjọ wà nísàlẹ̀.

Ìlà tí a gé wẹ́wẹ́ kò ní ìtumọ̀ kan pàtó. Ní ibì kan ó lè jẹ́ àmójútó iṣẹ́. Ní ibòmíràn, ó lè jẹ́ ìbáṣepọ̀ lásán. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ arọ́pò gbọ́dọ̀ bi ọ́fíìsì tó ya àtẹ náà léèrè, kò gbọdọ̀ méfò. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ́ sára ẹyọ náà gan-an: “Olórí ẹ̀ka ìlera alábọ́dé: olórí òṣìṣẹ́ ló ń jábọ̀ fún, àjọ ìlera alábọ́dé ti ìpínlẹ̀ tún ń bójú tó bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.” Igbákejì alága náà ń béèrè irú ìbéèrè yìí. Wọ́n sábà máa ń ya àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ alága, kò sì hàn nínú àwòrán bóyá akọ̀wé ń jábọ̀ fún un tàbí fún alága tààrà. “Lápá òsì” àti “àpótí aláwọ̀ búlúù” kò sọ nǹkan kan fún olùgbọ́. Bí àwọ̀ búlúù bá túmọ̀ sí pé kò sí ẹni lórí àga náà, “àga ṣófo” ni kí a kọ.

Ọ̀nà tó dájú jù láti dán an wò ni kí a ka àtòjọ náà fún ẹni tí kò rí àwòrán náà rí, kí a ní kí ó fi ẹnu rẹ̀ tún àtẹ náà tò tàbí kí ó yà á sórí bébà. Kí a bi í pé: Ta ni ọ̀gá alábòójútó àjẹsára? Àwọn wo ló ń jábọ̀ fún alága láìgba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá? Bí ó bá kùnà lórí ìbéèrè kejì, ó ṣeé ṣe kí ayẹ̀wé-owó-wò ti bọ́ sábẹ́ olórí òṣìṣẹ́ nínú àtòjọ wa, nítorí `</ul>` kan tí a fi sí ibi tí kò yẹ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn sí ẹni tó ń fi ojú wò ó.

Bí alága tuntun bá dé tí wọ́n sì tún àtẹ yà, àwòrán ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, wọ́n á gbàgbé àtòjọ. Olùgbọ́ kò ní ọ̀nà tí ó fi lè mọ̀ pé ohun tí òun gbọ́ kì í ṣe ohun tí àwọn yòókù ń wò. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni a ń kọ sára àwọn méjèèjì, ẹni tó bá sì pààrọ̀ ọ̀kan ni yóò pààrọ̀ èkejì.